Ulé

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ọ̀rọ̀ kan.
Ulé.
Ẹ pè é kó dún.
Ulé.

Ọmọ ọdún 11 ni mí,
àpótí lórí Màmá àgbà, garawa lọ́wọ́ mi,
à ń bọ̀ láti Èrìn-Ìjẹ̀ṣà wá sí Iléṣà níbí.
Alẹ́ ọjọ́ kìíní, ẹnìkan bi mí níbi tí mo ti wá.
Mo ní, "Ulé wa wà ní Èrìn."
Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín.
Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ká u yẹn kúrò lẹ́nu,
mo fi í sísàlẹ̀ àpótí,
mo kó aṣọ lé e, mo kó ìwé lé e.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe ilé. Ilé. Ilé.
Bí àwọn ará rédíò.

Oorun kò sì wá.
Ìdákẹ́jẹ́ ibí ni kò jẹ́ kí n sùn.
Lóko bàbá mi, nísàlẹ̀ òkè,
Olúmirin ń já lu àpáta tọ̀sán tòru,
mo ti gbọ́ ọ, gbọ́ ọ, débi tí mi ò gbọ́ ọ mọ́.
Ìgbà tí mo kúrò níbẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé omi náà ń pariwo.
Mo dé nísinmi Kérésì, mo lọ dúró tì í,
mò ń wò ó bí àlejò tó wá láti Èkó.

Ẹ̀yin ọmọ Ọbòkun, ẹ mọ ìtàn wa.
Ojú Odùduwà fọ́, omi òkun ni oògùn rẹ̀.
Ajíbógun lọ. Ó pẹ́ kó tó dé.
Ìgbà tó fi dé, wọ́n ti pín ogún tán.
Ibi pínpín ogún yẹn máa ń dùn mí, mi ò ní parọ́,
torí èmi náà dé lọ́dún kan, mo bá àbúrò mi lórí ẹní mi,
ewúrẹ́ mi ti di owó ìwé,
wọ́n sì gbé oúnjẹ fún mi nínú àwo àlejò.
Àwo àlejò! Èmi!

Ṣùgbọ́n Ajíbógun gbé omi dé ojú bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ Àjíǹde tó kọjá, Màmá àgbà na ìgò kékeré kan sí mi.
Oògùn ojú. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì.
Mo ka ara ìgò náà, mo túmọ̀ rẹ̀ dáadáa,
kíkán méjì láàárọ̀, kíkán méjì lálẹ́.
Wọ́n ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?
Sọ ọ́ bí ọmọ tèmi."

Mo bá wọ inú àpótí lọ.
Mo gbé ìwé kúrò, mo gbé aṣọ kúrò.
Ọdún 6, ó ṣì wà níbẹ̀.
Mo sọ ọ́ fún wọn bí wọ́n ṣe fi kọ́ mi,
mo gbórí wọn lé itan mi,
mo kán an.

Lọ́la, ọkọ̀ Èrìn ni mò ń wọ̀.
Àpótí ń bẹ lórí mi, ìwé ẹ̀rí ń bẹ nínú rẹ̀,
ẹnu mi ò sì kó nǹkankan pamọ́.
Ẹ bá mi pè é kí n tó lọ.
Ulé.