Owó Ìrànlọ́wọ́ Òkèèrè Ń Gba Ìjíhìn Lọ́wọ́ Aráàlú: Ọ̀rọ̀ Agbọ̀rọ̀sọ Àkọ́kọ́

Alága ìjókòó, ẹ̀yin adájọ́ wa, olùtọ́jú àkókò, ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa tó wà lódìkejì, mo kí yín o. Ikọ̀ tèmi fara mọ́ àkòrí òní: owó ìrànlọ́wọ́ láti òkèèrè ń sọ ìjíhìn ìjọba fún aráàlú di yẹpẹrẹ.

A ò sọ pé ẹni tó ń fúnni lówó burú. A ò sì sọ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára àti oògùn kòkòrò HIV ò gba ẹ̀mí là. Ó ń gbà á là, a sì dúpẹ́. Ohun tí à ń sọ ni pé ojú ẹni tó ń gbọ́ bùkátà ìjọba ni ìjọba máa ń wò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ kọ iye owó orí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bù fún wọn. Wọ́n ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, làwọn máa san, torí ọ̀nà oko ò ṣeé rìn, owó kòkó ò sì tó nǹkan. Ẹ̀mí ṣòfò nínú ìjà Àgbẹ́kọ̀yà yẹn, a ò gbọdọ̀ gbàgbé. Ṣùgbọ́n níkẹyìn, ìjọba bá wọn jókòó sọ̀rọ̀, owó orí sì wálẹ̀. Àgbẹ̀ lẹ́nu ọ̀rọ̀ torí owó rẹ̀ ni ìjọba ń ná. Ká ní àjọ kan lókè òkun ló ń san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ nígbà náà, ta ni ì bá dá wọn lóhùn?

Ẹ wá wo Màláwì. Kó tó di ìparí ọdún 2013, nǹkan bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná ibẹ̀ ló ń ti ọwọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ wá. Bí wọ́n ṣe ń jí owó nìyí: òṣìṣẹ́ ìjọba á wọ inú ètò ìṣirò owó lórí kọ̀ǹpútà, á kọ owó sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tí kò gba kọ́ńtíráàtì kankan. Ṣẹ́ẹ̀kì á jáde, wọ́n á gba owó ní báńkì, lẹ́yìn náà wọ́n á pa àkọsílẹ̀ rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà bíi pé ẹnikẹ́ni ò sanwó rí. Láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ó lé ní bílíọ̀nù 13 kwáṣà tó gba ọ̀nà yìí lọ. Inú búùtù ọkọ̀ ni wọ́n ti bá òmíràn. Ìgbà tí wọ́n yìnbọn lu olórí ẹ̀ka ìṣúná, tí orí kó o yọ, ni ariwo ta.

Ẹ̀yin adájọ́, ohun tó tẹ̀lé e ló ká mi lára jù. Owó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi gba àwọn olùṣàyẹ̀wò ìwé owó. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2014, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú èyí tí wọ́n fi han aráàlú. Owó Màláwì ni wọ́n jí, ará Màláwì ló wá ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n sọ ẹni tó jí i fún òun! Àwọn olùrànlọ́wọ́ dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 dọ́là dúró, àwọn tí kò jí kọ́bọ̀ ló sì forí fá a.

Ikọ̀ kejì máa ní olùrànlọ́wọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ owó wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ní Ùgáńdà, ní 2012, owó àtúnṣe ìhà àríwá tí ogun ti bà jẹ́ pòórá ní ọ́fíìsì olórí ìjọba. Írẹ́lándì, tó wà lára àwọn olùrànlọ́wọ́, bínú, Ùgáńdà sì dá mílíọ̀nù 4 yúrò rẹ̀ padà fún un. Àpò ìjọba Ùgáńdà ni owó yẹn ti jáde. Olówó gba owó rẹ̀. Ìhà àríwá tí wọ́n torí ẹ̀ kówó jọ ńkọ́?

Wọ́n tún lè dárúkọ Bòtìswánà, tó gba ìrànlọ́wọ́ púpọ̀ lẹ́yìn òmìnira ní 1966, tí nǹkan sì dára fún un. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Bòtìswánà ò jẹ́ kí olùrànlọ́wọ́ gbé iṣẹ́ tirẹ̀ kalẹ̀ bó ṣe wù ú. Inú ètò ìdàgbàsókè tí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣe ni owó náà ń wọ̀. Orílẹ̀-èdè mélòó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí?

Ní tiwa, ní Àbújá ní 2001, àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí láti ya ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná wọn sọ́tọ̀ fún ìlera. Nàìjíríà ò dé ibẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó dúró ní oṣù kìíní 2025, kò pé oṣù méjì tí ilé aṣòfin fi bu nǹkan bíi 200 mílíọ̀nù dọ́là kún owó ìlera, tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ sì fọwọ́ sí bílíọ̀nù 4.8 náírà fún oògùn HIV. Mo bẹ agbọ̀rọ̀sọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi kó dáhùn èyí kó tó sọ ohunkóhun mìíràn: kí ló dé tí ìjọba ò fi wá owó yẹn jáde nígbà tí àjèjì ń san án?