Èsì sí ìwé iye owó òwú ti 2 Oṣù Kẹwàá, 2025

Ilé Ìhunṣọ Bàbá Mùídíìnì,
Pakata, Ìlọrin.

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Àlájà wa ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékúmù. Ẹ kú ọjà, ẹ kú làálàá ọjọ́ gbogbo. Ara ilé ńkọ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ rí àdánù.

Ìwé iye owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lórí wọ́ọ̀sáàpù ní Ọjọ́bọ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Òwú tí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ náà dé gáréèjì ní Sátidé, ọmọ iṣẹ́ mi sì lọ gbà á. Ẹ ṣeun gan-an ni, nítorí ẹ ò tíì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi tí ẹ fi ṣe gbogbo ìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé náà pé ọjọ́ 7 ni iye yẹn máa fi dúró. Mo ní kí n tètè fèsì, kí ẹ má baà gbé ọjà pamọ́ dè mí nígbà tí ẹlòmíràn ń béèrè rẹ̀.

Àlájà, a ò ní lè rà á ní iye yìí. Ẹ má ṣe bínú.

Kì í ṣe pé ọjà yín ò dára. Mo ki òwú aláwọ̀ ẹtù yẹn bọ omi gbígbóná, mo fi aṣọ funfun fún un dáadáa, aró kò ràn mọ́ aṣọ rárá. A ta díẹ̀ sórí òfì, a hun ún tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Òwú kò já, kò sì lọ́ pọ̀ mọ́ra bí ọ̀kọ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ó pẹ́ tí mo ti rí òwú tó ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá mi fẹ́ràn ẹtù ju àwọn aṣọ òkè yòókù lọ, èlú ni wọ́n sì fi ń pa òwú rẹ̀ láró láyé tiwọn. Òwú ẹ̀rọ ni tiyín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e síta sínú oòrùn, àwọ̀ yẹn rán mi létí aṣọ tí bàbá mi máa ń wọ̀ lọ kírun Iléyá.

Iye owó ló dá wa dúró. Òwú lásán 60 kìlò ní ₦9,800 kìlò kan jẹ́ ₦588,000. Òwú dídán 10 kìlò ní ₦17,500 jẹ́ ₦175,000. Owó ọkọ̀ àti ìdìpọ̀ jẹ́ ₦42,000. Àpapọ̀ rẹ̀ wá di ₦805,000, ẹ sì fẹ́ kí a san ìdá 70 nínú 100 sílẹ̀, ìyẹn ₦563,500, kí ẹrù tó kúrò ní Èkó.

Ìgbéyàwó kan ní Ọ̀fà, ní 20 Oṣù Kejìlá, la fẹ́ fi òwú náà hunṣọ fún. Láti Oṣù Keje la ti fẹnu kò pẹ̀lú ẹbí ìyàwó lórí iye tí wọn yóò san lórí gèlè, ìpèlé àti fìlà, mo sì ti gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Mi ò lè padà lọ bá wọn pé owó ti lé. Ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ ni. Bí mo bá ra òwú ní iye yín, owó àwọn ọmọ tó ń jókòó sídìí òfì láti àárọ̀ dalẹ́ ni mo máa fi dí i. Mi ò ní lè ṣe ìyẹn, ẹ̀yin náà ò sì ní fẹ́ kí n ṣe é.

Fún iṣẹ́ Ọ̀fà yìí, nílé níbí lọ́wọ́ oníbàárà wa àtijọ́ ni mo máa ti ra òwú. Mo sọ ọ́ fún yín báyìí kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì parí síbẹ̀. Tí ọdún bá yí, ní Oṣù Kìíní 2026, èmi àti ilé ìhunṣọ méjì mìíràn ní àdúgbò wa fẹ́ da owó pọ̀ ra òwú tí a ó fi hunṣọ Ìtúnu àti ti Iléyá. A ń fojú sun nǹkan bí 150 kìlò òwú lásán, àti 20 kìlò tó ń dán. Lórí ìyẹn ni mo fẹ́ kí a tún jọ jókòó.

Lójú tiwa, kìlò òwú lásán láàárín ₦8,300 sí ₦8,500 ni apá wa lè ká, àti òwú dídán ní nǹkan bí ₦15,500. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ra ọjà kí ẹ tó tà á, mi ò sì ní ní kí ẹ tà á ládàánù. Bí ẹrù bá pọ̀ tó báyìí, ẹ wò ó bóyá ẹ lè bá wa sún un wálẹ̀. Owó ọkọ̀ kò ní jẹ́ ìjà: ẹ fi ẹrù lé awakọ̀ Ìlọrin lọ́wọ́ ní gáréèjì lọ́hùn-ún, àwa la ó san owó rẹ̀ tó bá dé. Ní ti àsansílẹ̀, ìdajì la lè san kí ẹrù tó gbéra, kí a san àṣẹ́kù lọ́jọ́ tó bá tẹ̀ wá lọ́wọ́. Mi ò tọrọ àwìn.

Ohun tó ká mi lára ju owó lọ ni aró. Ọ̀já aṣọ òkè kan kò ju bí ínṣì 4 lọ ní fífẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn la ń rán wọn mọ́ kí wọ́n tó di aṣọ. Bí òwú inú ọ̀já kan bá wá láti inú ìparó kan, tí ti èkejì wá láti inú òmíràn, kò ní hàn lórí òfì. Ọjọ́ tí télọ̀ bá rán wọn pọ̀, tí aṣọ wá sínú oòrùn, ni ẹ ó rí i tí ọ̀kan dúdú ju èkejì lọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí pẹ̀lú òwú tí mo rà níbòmíràn. Gèlè 11 ni mo tún hun lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, kí gbogbo àwọ̀ ẹtù náà jẹ́ ìparó kan ṣoṣo, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé iye owó tí ẹ máa tún fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn dáadáa, mo lè fi ₦100 tàbí ₦150 kún un lórí kìlò kan láìjanpata.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro ó wò. Kò sí ìkánjú. Tó bá ti wọ ìparí Oṣù Kọkànlá ni kí ẹ pè mí, lẹ́yìn ìrun Ìṣáà, nítorí ariwo ilé iṣẹ́ kì í jẹ́ kí n gbọ́ fóònù lọ́sàn-án. Bí owó òwú bá sì wálẹ̀ lọ́dọ̀ yín kó tó di ìgbà náà, inú mi á dùn kí n tètè gbọ́. Àpẹẹrẹ òwú yín wà lọ́dọ̀ mi nínú ọ̀rá, mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára rẹ̀. Òun ni mo máa fi wé èyí tó bá dé.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Mùídíìnì