Káfíńtà tó ń bì: ìbéèrè ìdánrawò lórí omi ara, iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti ásíìdì, pẹ̀lú ìdáhùn

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tẹ́ ẹ ti ka iṣẹ́ kíndìnrín tán ni mo kọ èyí fún. Ẹ mú bébà àti bírò, ẹ fún ara yín ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ má sì tíì wo ìdáhùn. Gbogbo máàkì jẹ́ 30.

Ìtàn aláìsàn

Káfíńtà kan, ẹni ọdún 52, wọ yàrá pàjáwìrì ilé ìwòsàn kan n'Ìbàdàn lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló dì í mú lápá wọlé. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́fà tó ti ń bì, ìgbà mẹ́rin sí márùn-ún lójúmọ́. Èébì náà máa ń pọ̀, ó ń kan, kò sì ní òróòro nínú. Ọmọ rẹ̀ ní: "Dókítà, àmàlà tí wọ́n jẹ lálẹ́ àná ni wọ́n bì jáde láàárọ̀ yìí. Ojú mi ló ṣe, kò tíì dà rárá."

Bàbá kò ya ìgbẹ́ gbuuru, kò ní àtọ̀gbẹ, kò sì lo oògùn kankan tó ń mú ni tọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́ta tí inú ti máa ń ta á lóru, aibuprofẹ́nì ló sì ń lò sí ẹ̀yìn tó ń dùn ún, lójoojúmọ́. Omi nìkan ló ń gbìyànjú láti mu. Ó ní ọwọ́ òun ń ṣe òun bíi pé èèrùn ń rìn lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ òun kò sì lágbára mọ́.

Ahọ́n rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 60.5 kg, káàdì rẹ̀ fi hàn pé 65 kg ni ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 100/64 ní ìdùbúlẹ̀, 78/50 nígbà tó dìde dúró. Ọkàn ń lù ní 116 ní ìṣẹ́jú kan. Ó ń mí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, èémí náà kò jinlẹ̀. Bí a bá rọra mi ìbàdí rẹ̀, inú rẹ̀ a máa dún bíi kèrègbè tí omi inú rẹ̀ kò kún. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fẹ́ rọ́bà ìwọn ìfúnpá sí i lápá, tó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ká wọ àtẹ́lẹwọ́.

Èsì àyẹ̀wò:

Ẹ̀jẹ̀: Na⁺ 134, K⁺ 2.6, Cl⁻ 78, HCO₃⁻ 42, yúríà 14.0 (gbogbo rẹ̀ ní mmol/L). Kireatinínì 130 µmol/L.
Ẹ̀jẹ̀ inú òpó àlọ: pH 7.56, PaCO₂ 49 mmHg.
Ìtọ̀: pH 5.0, Na⁺ 14, K⁺ 38, Cl⁻ 6 mmol/L.

Ìbéèrè

(a) Kí ló ṣe omi ara bàbá yìí? Ẹ tọ́ka sí ẹ̀rí yín. (5)
(b) Irú ìdàrú ásíìdì wo ni èyí? Ṣé ẹ̀dọ̀fóró ti dá a lóhùn bó ṣe yẹ? Ẹ fi ìṣirò hàn. (6)
(d) Báwo ni èébì ṣe sọ ẹ̀jẹ̀ di alíkálì? (4)
(e) Ibo ni potásíọ̀mù rẹ̀ gbà lọ? (4)
(ẹ) Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ alíkálì, kí ló dé tí ìtọ̀ rẹ̀ fi kan? (7)
(f) Ẹlẹgbẹ́ yín ti gbé omi Ríńgà oní-laktéètì kọ́. Kí lẹ máa sọ fún un, kí lẹ ó sì ṣe? (4)

Ìdáhùn

(a) Omi tó wà lóde sẹ́ẹ̀lì ti dín kù gidigidi. Ẹ̀rí tó lágbára jù ni ti ìfúnpá: nígbà tó dìde, nọ́ńbà òkè já bọ́ pẹ̀lú 22, bẹ́ẹ̀ ọkàn ti ń sáré tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ìwọ̀n 4.5 kg tó bọ́ kún un, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ pé lítà mẹ́rin ààbọ̀ gééré ló sọnù. Ẹni tí oúnjẹ kò dúró nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà ti pàdánù díẹ̀ nínú ẹran ara náà. Yúríà ga ju bí kireatinínì ṣe ga lọ: 14.0 mmol/L jẹ́ 14,000 µmol/L, ẹ pín in sí 130, ó di bíi 108. Bó bá ti ju 100 lọ, ó jẹ mọ́ pé kíndìnrín kò rí ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tó, kì í ṣe pé òun fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́. Na⁺ inú ìtọ̀ tó wà ní 14 ń sọ ohun kan náà.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń rí Na⁺ 134 kí wọ́n kọ ọ́ pé "sódíọ̀mù kò sọnù púpọ̀". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ń sọ bí iyọ̀ àti omi ṣe pọ̀ sí ara wọn, kò sọ iye tó kù lára. Bàbá pàdánù méjèèjì, omi lásán ló sì ń mu dípò rẹ̀, nígbà tí họ́mónù tó ń dá omi dúró kò jẹ́ kó tọ̀ ọ́ dànù.

(b) pH 7.56 ga, HCO₃⁻ 42 ga: alíkálì tó ti ara iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wá ni, kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀fóró. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró ló fà á, PaCO₂ ì bá lọ sílẹ̀. Èyí tí a retí:

PaCO₂ = 0.7 × 42 + 20 = 49.4 mmHg

Èyí tí a rí jẹ́ 49. Ó ṣe wẹ́kú, nítorí náà èémí rẹ̀ tó lọ́ra jẹ́ ìdáhùn ara sí alíkálì, kì í ṣe àìsàn kejì. Ẹ tún wo àlàfo áníọ́nì: 134 − (78 + 42) = 14. Kò ga tó láti fura sí ásíìdì mìíràn tó fara pamọ́. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò yìí láìjẹ́ pé wọ́n bi í, máàkì rẹ̀ pé.

Ọwọ́ tó ká náà jẹ mọ́ ibí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá di alíkálì, álíbúmìnì a tú háídírójìn tó dì mú sílẹ̀, á wá di kálísíọ̀mù mú dípò rẹ̀. Àpapọ̀ kálísíọ̀mù lè má yí padà, àmọ́ èyí tó ń rìn lómìnira, tó ń pẹ̀tù sí iṣan, ti dín kù.

(d) Nínú sẹ́ẹ̀lì àpòlúkù tó ń ṣe ásíìdì, CO₂ àti omi ń di H⁺ àti HCO₃⁻. H⁺ ń lọ sínú àpòlúkù pẹ̀lú Cl⁻. HCO₃⁻ ń gba ẹ̀yìn wọ inú ẹ̀jẹ̀. Lójoojúmọ́ lèyí ń ṣẹlẹ̀ sí èmi àti ẹ̀yin lẹ́yìn oúnjẹ, kò sì sí wàhálà, torí pé bí ásíìdì náà bá dé orí ìfun, páńkíríà a da HCO₃⁻ síbẹ̀ láti pa á, gbèsè a sì di sísan. Ti bàbá yìí, ọ̀nà tó lọ sí ìfun ti dí (ẹ rántí àmàlà àná, àìsí òróòro, àti inú tó ń dún bíi kèrègbè). Ásíìdì gba ẹnu jáde, kò dé orí ìfun, páńkíríà kò rí ohun tí yóò pa. HCO₃⁻ tó ti wọ ẹ̀jẹ̀ wá dúró síbẹ̀. Ọgbẹ́ inú tó jinná tó sì fi àpá dí ẹnu ọ̀nà àpòlúkù ni mo kọ́kọ́ máa fura sí, pẹ̀lú aibuprofẹ́nì yẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ orí rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi kámẹ́rà wò ó kí ẹ lè mọ̀ dájú pé kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Ká ní ìgbẹ́ gbuuru ni, HCO₃⁻ gan-an ni ì bá máa ṣòfò, ẹ̀jẹ̀ ì bá sì kan.

(e) Ẹ má kọ "èébì" nìkan. Potásíọ̀mù inú omi àpòlúkù kò ju bíi 10 mmol ní lítà kan lọ. Ìtọ̀ ló jí i gbé: ẹni tí K⁺ rẹ̀ jẹ́ 2.6 yẹ kó máa há potásíọ̀mù mọ́ra, síbẹ̀ 38 ló wà nínú ìtọ̀ bàbá. Aludositẹróònù ló ń tì í jáde, HCO₃⁻ tó ṣàn kọjá nínú kíndìnrín láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ sì fà á lọ́wọ́ lọ. Alíkálì tún ń sún díẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì bí H⁺ ti ń jáde. Ẹsẹ̀ tí kò lágbára, ibẹ̀ ló ti wá. Ẹ ya àwòrán ìlù ọkàn rẹ̀ kíákíá.

(ẹ) Ibí ni ìbéèrè yìí wà gan-an. Kíndìnrín tó ní omi àti kiloráìdì tó a máa tọ HCO₃⁻ tó pọ̀jù dànù láàárín wákàtí díẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì, ó ṣeé ṣe kí kíndìnrín bàbá ti gbìyànjú ẹ̀: ìtọ̀ ìgbà yẹn á jẹ́ alíkálì, Na⁺ á sì pọ̀ nínú rẹ̀, torí HCO₃⁻ kò lè dá jáde láìfa sódíọ̀mù tàbí potásíọ̀mù dání.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, nǹkan ti yí. Ìfúnpá ti lọ sílẹ̀, rẹnínì ti jáde, angiotẹnsínì àti aludositẹróònù ti gòkè. Àṣẹ tó dé etí kíndìnrín ni pé kó má jẹ́ kí ẹyọ sódíọ̀mù kan lọ. Ó fẹ́ gba Na⁺ padà, ṣùgbọ́n Cl⁻ tí ì bá bá a padà kò tó nǹkan. Nítorí náà ó gba Na⁺ pẹ̀lú HCO₃⁻, ó sì ń fi H⁺ àti K⁺ dípò nínú ìtọ̀. Bí K⁺ náà ti ń tán, H⁺ ni ìdípò tó kù jù, ẹ̀rọ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń fi H⁺ gba K⁺ padà sì ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìparí òpó kíndìnrín fi lè tu HCO₃⁻ dànù ni kó fi ṣe pàṣípààrọ̀ Cl⁻ inú ìtọ̀, Cl⁻ ọ̀hún ló sì jẹ́ 6 yìí. Ilẹ̀kùn tì. Kíndìnrín yan omi ara ju pH lọ, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ ló lè pa bàbá ní kíákíá.

Ẹni tó bá kọ "aludositẹróònù" nìkan á gba máàkì mẹ́ta. Ẹni tó bá dárúkọ omi, kiloráìdì àti potásíọ̀mù, tó sì so wọ́n pọ̀, gba méje.

(f) Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ ní kó sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀dọ̀ máa ń sọ laktéètì di HCO₃⁻, èyí tí bàbá ti ní lápọ̀jù. Kiloráìdì ni kò ní. Omi iyọ̀ 0.9% ni kẹ́ ẹ gbé kọ́, torí 154 mmol kiloráìdì ló wà nínú lítà kan rẹ̀. Àìtó kiloráìdì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.2 × 65 × (100 − 78) = 286 mmol, bíi lítà méjì omi iyọ̀. Lítà kìíní lè wọlé láàárín wákàtí kan, kí ẹ máa wo ìfúnpá. Bí ìtọ̀ bá ti ń ṣàn tó 30 ml ní wákàtí kan, ẹ fi KCl 40 mmol sí lítà tó kàn, kó gba wákàtí mẹ́rin. Ìyẹn 10 mmol ní wákàtí kan, kò sì yẹ kó yára jù bẹ́ẹ̀ nínú iṣan ọwọ́. Ẹ má ti KCl wọ iṣan ní tààràtà láéláé. Ẹ wo magníṣíọ̀mù. Ẹ má fi omi gúlúkóòsì bẹ̀rẹ̀, torí ínsúlínì tó máa tẹ̀lé e á tún ti potásíọ̀mù wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ ti túùbù gba imú wọ àpòlúkù kó lè sinmi, ẹ fún un lómepirasóòlù. Iṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ ṣáájú àtúnṣe yìí. Ẹni tí alíkálì ń mú mí lọ́ra lè má mí dáadáa lẹ́yìn oògùn oorun.

Èsì rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 48: K⁺ 3.7, Cl⁻ 99, HCO₃⁻ 28, pH 7.45. Cl⁻ inú ìtọ̀ ti di 48, pH ìtọ̀ sì ti di 7.5: kíndìnrín ti ń tu HCO₃⁻ náà dànù fúnra rẹ̀.