Ọ̀rọ̀ Alága níbi Ìpàdé Gbogbogbòò Ọdọọdún: Ìdí tí Èrè Ìpín Kò Fi Jáde fún Ọdún 2024

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa nínú ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ kú ọjà, ẹ kú àtijẹ àtimu. Ẹ̀yin tí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi wá, ẹ kú ewu.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín, nítorí náà òun ni màá kọ́kọ́ sọ. Ìgbìmọ̀ wa pinnu pé a kò ní pín èrè fún ọdún 2024. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti fojú sí owó yìí fún owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, ó sì dùn mí pé ọwọ́ yín ò tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe rí gan-an.

Ìwé ìṣirò wà lọ́wọ́ yín. Owó tó wọlé jẹ́ ₦18,640,000, èyí tó jáde jẹ́ ₦16,210,000, èyí tó ṣẹ́kù jẹ́ ₦2,430,000. Ẹni tó bá wò ó á ní, “Alága, èrè náà nìyí, ẹ pín in.” Ṣùgbọ́n nínú ₦2,430,000 yẹn, ₦1,900,000 jẹ́ èlé orí owó tí a yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tí wọn ò tíì san. Ó wà nínú ìwé, kò sí ní báńkì. Ẹja tó ṣì wà nínú odò ni. Ẹnikẹ́ni kò lè gbé e ka iná. Owó gidi tó wà nílẹ̀ jẹ́ ₦530,000 péré. Òfin ẹgbẹ́ wa sì ní kí a kọ́kọ́ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin èrè sínú owó ìpamọ́ ẹgbẹ́, ìyẹn ₦607,500. Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé owó tó wà nílẹ̀ kò tó ìyẹn pàápàá.

Bí a bá wá fẹ́ pín èrè dandan, ibo ni a ti máa mú un? Inú owó tí ẹ̀yin fúnra yín ń dá lóṣooṣù ni. A ó bu owó yín, a ó pe é ní èrè, ẹ ó sì pàtẹ́wọ́ fún wa. Ní ọjọ́ tí ìyá kan bá fẹ́ gba owó rẹ̀ láti fi tọ́jú ara, a ó máa wo ojú ara wa. N kò ní fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ máa yọ mí nípò lónìí. Àwọn kan ní ẹgbẹ́ mìíràn pín èrè. N kò mọ ìwé wọn. Tiwa ni mo mọ̀.

Kí ló fà á tí owó yíyá fi há? Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, páálí ẹja yìnyín tó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí gan-an. Owó tí obìnrin kan yá láti ra páálí mẹ́wàá kò ra márùn-ún mọ́, iye ẹnu tó ń bọ́ kò sì dín. Kì í ṣe olè ni àwọn tó jẹ wá ní gbèsè, mo sì bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ wọn nínú ìpàdé yìí.

Ilé yìnyín wa náà jẹ owó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, lítà dísẹ́ẹ̀lì kan kò tó ₦300. Lọ́dún 2024 ó ti lé ní ₦1,000. Dísẹ́ẹ̀lì nìkan gba ₦7,800,000 lọ́wọ́ wa. A lè ti ilé náà pa, ṣùgbọ́n ẹja ta ni yóò bàjẹ́?

Ẹnìkan bi mí pé kí ló dé tí a ò yáwó ní báńkì láti pín. Báńkì Àpapọ̀ gbé èlé ìpìlẹ̀ dé ìdá 27.50 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kọkànlá 2024, àwọn báńkì tó kù sì ń fi tiwọn lé e. Kí a yá irú owó bẹ́ẹ̀ ká fi jẹun, rárá o.

Ohun tí a ti ṣe nìyí: owó ìjókòó ìgbìmọ̀ ti dúró láti oṣù kìíní, tèmi náà sì wà níbẹ̀. Títí gbèsè yóò fi wálẹ̀, a kò ní yá ẹnikẹ́ni ju ìlọ́po méjì owó tó ti dá lọ, oníduúró méjì ni yóò sì fọwọ́ sí i.

Àbá tí mo gbé síwájú yín ni pé kí àwọn tó jẹ gbèsè máa san díẹ̀díẹ̀ lọ́jọọjọ́ ọjà fún oṣù mẹ́wàá, láìsí èlé tuntun lórí èyí tó ti pẹ́. Bí ìdajì èlé náà bá wọlé kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ìgbìmọ̀ yóò pe ìpàdé pàjáwìrì, a ó sì jọ wò ó bóyá a lè pín nǹkan kan kí ọdún tó tán. Akápò yóò ka ètò sísan náà báyìí. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ bèèrè ohun tí ẹ bá fẹ́ lọ́wọ́ mi, kí a tó dìbò.