Ẹ̀kùrọ́ Méjìlá

Bàbá da ẹ̀kùrọ́ sórí ẹní nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde.

"Dé Ìbàdàn, ọjọ́ mẹ́ta. Ẹrù aṣọ wúwo. Ọ̀yọ́, méjì. Ògbómọ̀ṣọ́, méjì. Ìlọrin, méjì."

Mo kà á: mẹ́sàn-án.

"Bàbá, ẹ ò ka orúnkún yín mọ́ ọn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi méjì kún un. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n tún fi ọ̀kan lé e. "Ti òjò nìyẹn. Ó ti ba aṣọ mi jẹ́ rí." (Ìtàn náà gùn, mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà ogún.)

Ìyá àgbà ké láti ìdí ààrò: "Ta ni yóò ru ẹrù náà?"

Bàbá ò fèsì. Wọ́n rọra ti ẹ̀kùrọ́ méjìlá náà sọ́dọ̀ mi.