Àyẹ̀wò fídíò fífò jìnnà: ìfò 1 sí 6

Mo ti wo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìṣísẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn ni mo wò jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣí fídíò náà sílẹ̀ bó o ṣe ń ka èyí.

Ìbẹ̀rẹ̀ eré: ó dára
Ìdúró ara lórí eré: ó dára, èjìká rọ̀
Ojú: kò tíì dára
Ìṣísẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn: kò tíì dára, àfi ní ìfò 4
Orúnkún ẹsẹ̀ tó ń gòkè: ó ń bọ̀
Ìbalẹ̀: ó ń bọ̀

Ìfò 2. Nígbà tó ku ìṣísẹ̀ mẹ́rin, àgbọ̀n rẹ wálẹ̀: pátákó tí a ti ń fò lò ń wò. Látibẹ̀ lo ti ń na ẹsẹ̀ kó lè bá a. Dá fídíò dúró níbi tí ẹsẹ̀ òsì ti kan pátákó. Gìgísẹ̀ ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, orúnkún nà gbọnrangandan, ẹsẹ̀ sì ti ṣíwájú ìbàdí jìnnà. Ẹsẹ̀ tó bá wà níbẹ̀ ti di ìjánu; gbogbo eré tó o sá bọ̀ kú sí i lára. Ìfò 5 rí bákan náà, ọmọ ìka ẹsẹ̀ sì tún kọjá ìlà.

Ìfò 4 ni kó o wò títí. Àgbọ̀n ò wálẹ̀. Ìṣísẹ̀ tó ṣáájú ìkẹyìn gùn díẹ̀, ìbàdí rẹlẹ̀ díẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn kúrú, ó yá, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ló sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wo bí àyà ṣe gbé sókè. Inú mi dùn sí i gan-an, torí kò sẹ́ni tó pariwo sí ọ kó o tó ṣe é.

O bi mí bóyá ká sún àmì ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn. Rárá o, kò tíì yá. Ká ní iye kan náà lo fi ń kọjá ìlà nígbà gbogbo ni, à bá sún un. Ṣùgbọ́n nínà ẹsẹ̀ ń dá ìṣirò rú. Tó bá tán, a ó wá mọ ibi tó yẹ kí àmì wà.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, eré oníṣìísẹ̀ mẹ́fà péré la ó máa sá, láìlo pátákó rárá. Máa sọ ọ́ sókè bó o ṣe ń sá: "gígùn, kúkúrú!" Ojú rẹ, òpin iyanrìn lọ́hùn-ún ni kó máa wò.

Ní ìfò 3, ọwọ́ ọ̀tún kan iyanrìn lẹ́yìn rẹ. Ojú àpá tó sún mọ́ ìlà jù ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, nítorí náà ọwọ́ yẹn jẹ lára ìfò rẹ. A ó yanjú ẹ̀ lẹ́yìn èyí.

Mi ò lè sọ nǹkan kan nípa ẹsẹ̀ ní ìfò 6, torí ẹ̀yìn rẹ ni ẹni tó yà á dúró sí. Kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní ọ̀gangan pátákó, kí fóònù sì ga dé ìbàdí rẹ. Fi ìfò mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.