Àbá Ìwádìí: Ìkọ́ni Láàárín Ẹgbẹ́ àti Ìbẹ̀rù Ìṣirò Lọ́dọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ Girama Kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́

Bí olùkọ́ bá ti kọ 3x + 5 = 20 sójú pátákó, àyà àwọn ọmọ kan á ti máa já. Kì í ṣe pé wọ́n ya òpè; ìbẹ̀rù ló ń gba àyè tí ọpọlọ ìbá fi di nọ́ńbà mú. Wọn kì í sì í béèrè ìbéèrè, kí wọ́n má baà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìbéèrè wa: ṣé ìbẹ̀rù yìí á dínkù bí ẹlẹgbẹ́ wọn bá ń ṣàlàyé fún wọn?

Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba méjì ní Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́ la ó lò, kíláàsì kejì. Ní ọ̀kan, àwọn ọmọ yóò kọ́ra wọn ní méjì-méjì fún ọ̀sẹ̀ 8, wọn yóò sì máa gba ipò olùkọ́ lọ́wọ́ ara wọn. Èyí ṣe kókó: bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń ṣe ọ̀gá lójoojúmọ́, ìtìjú ló máa kù fún èkejì. Ilé-ẹ̀kọ́ kejì yóò máa kẹ́kọ̀ọ́ bó ṣe ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀.

A ó túmọ̀ àwọn ìbéèrè díẹ̀ látinú òṣùwọ̀n ìbẹ̀rù ìṣirò tí Richardson àti Suinn gbé jáde ní 1972 sí Yorùbá, a ó sì fi wọ́n wọn ìbẹ̀rù náà ṣáájú àti lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Àwọn òbí yóò kọ́kọ́ buwọ́ lùwé.